Ẹ má tíì yọ àwọn ìlà yẹn

"Mo ní fọ́ọ̀mù 350 láti Ọ̀fà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ owó tó ń wọlé lóṣù ṣófo nínú bíi 90. Alábòójútó mi ní kí n yọ gbogbo wọn. Ṣé kí n yọ wọ́n, àbí kí n wá nǹkan fi dí i?"

Kí ẹ tó yọ ẹyọ kan, ẹ kọ́kọ́ wo irú ẹni tó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń ṣe ìwádìí kan ní Ìlọrin, ó sì ń dùn mí di òní, torí wọ́n ti fi iye tí mo kọ ṣètò owó yíyá kí n tó rí àṣìṣe mi.

Ilé 400 ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ 160, ọlọ́jà jẹ́ 240, púpọ̀ nínú wọn ní Ọjà Ọba àti Ìpàtà. (Mo ti mú kí àwọn iye náà gún régé díẹ̀ kí ẹ lè bá mi ṣírò.) Fọ́ọ̀mù 120 ni kò ní owó oṣù. Mo yọ gbogbo wọn, mo ṣírò ìpíndọ́gba ìyókù, ó jẹ́ ₦71,143. Ìgbà tí mo wá fi R pín àlàfo náà sí iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe ni ojú mi là:

```r
tapply(is.na(d$owo), d$ise, mean)
```

Ó gbé 0.075 jáde fún òṣìṣẹ́ ìjọba, 0.45 fún ọlọ́jà. Òṣìṣẹ́ 12 péré ni kò dáhùn. Ọlọ́jà tí kò dáhùn tó 108. Òṣìṣẹ́ ìjọba mọ owó oṣù rẹ̀ lórí. Ìyá tó ń ta ata rodo ní Ìpàtà ńkọ́? Inú owó ọjà yẹn náà ló ti ń ra gàrí, ibẹ̀ ló ti ń yọ owó ọkọ̀ ọmọ. Tí ẹ bá bi í pé èló ló ń wọlé lóṣù, "Ọmọ mi, ta ló ń kà á?" ni yóò fi dá yín lóhùn.

Torí náà, ọlọ́jà ni mo ń lé jáde nígbà tí mo rò pé ìlà ni mò ń yọ. Wọ́n jẹ́ 240 nínú 400 tẹ́lẹ̀. Wọ́n di 132 nínú 280, wọn ò tó ìdajì mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dáhùn ń gba ₦90,000 ní ìpíndọ́gba, àwọn ọlọ́jà ₦50,000. Tí a bá kàn dá iye ènìyàn padà sí 160 àti 240, ìpíndọ́gba ti já wálẹ̀ sí ₦66,000.

Ẹlòmíì á ní kí ẹ da ìpíndọ́gba sínú gbogbo àlàfo. Ẹ má gbà. Ìyá aláta á di ẹni tó ń rí ₦71,143, gbogbo àwọn 120 á máa rí iye kan náà, èsì yín á sì dà bí ẹni pé ó dájú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó gbà mí ni ìbéèrè kan tó wà lójú ewé kejì: èló lẹ ń dá lójúmọ́ fún àjọ? Ìyá tí kò mọ iye oṣù rẹ̀ mọ iye àjọ rẹ̀, torí alájọ ń sàmì sí káàdì rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo wá lo iṣẹ́ àti àjọ láti fi dí àlàfo:

```r
library(mice)
d$ise <- factor(d$ise)
imp <- mice(d[, c("owo","ise","ajo")], m = 30, seed = 7)
summary(pool(with(imp, lm(owo ~ 1))))
```

Fún ìyá kọ̀ọ̀kan tí kò dáhùn, `mice` á wá ènìyàn márùn-ún tí iṣẹ́ àti àjọ wọn fi hàn pé owó wọn yóò sún mọ́ tirẹ̀, á sì yá iye tí ọ̀kan nínú wọn fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìgbà 30 ló ṣe é, torí kò sẹ́ni tó mọ iye náà gan-an. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀dà 30 yẹn ni `pool` ń fi kún àìdájú èsì. Mo mú 30 torí pé 120 nínú 400 jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àjọ àwọn tí kò dáhùn kéré sí ti àwọn tó dáhùn. Iye tó bọ́ sí àlàfo àwọn ọlọ́jà jẹ́ bíi ₦40,000, ìpíndọ́gba gbogbo ilé sì di ₦63,300.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti lè tàn yín ni ti ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ àmọ́ tó ń sá fún owó orí, tí àjọ rẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Dátà ò lè sọ iye wọn fún yín. Ohun tí mo ṣe ni pé mo bu ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí mo fi dí àlàfo àwọn 108 yẹn: ìpíndọ́gba gbogbo ilé di ₦65,460. Kí ó tó lè dé ₦71,143, wọ́n ní láti máa rí bíi ₦69,000 lóṣù, nígbà tí àwọn ọlọ́jà tó dáhùn ń rí ₦50,000. Èmi ò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní Ìpàtà.

Fọ́ọ̀mù tí mo bá máa yọ báyìí ni èyí tí ẹni náà dìde lẹ́yìn tó sọ orúkọ rẹ̀, tí iṣẹ́ àti àjọ pẹ̀lú ṣófo. Mo máa ń kọ iye wọn àti àdúgbò wọn sínú ìjábọ̀. Tiyín ní Ọ̀fà, ẹ wò ó bóyá ẹ béèrè àjọ, tàbí owó ilé, tàbí iye ìsọ̀, kí ẹ tó pinnu.