Ibi tí búlọ́ọ̀kù mi ti tán

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kọ́ ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta. Báwo ni mo ṣe máa mọ iye búlọ́ọ̀kù tó máa gbà? Ẹnì kan fẹ́ bá mi ṣe ìwé ìṣirò ohun èlò, pílánù nìkan ló ní kí n fi ránṣẹ́."

Pílánù nìkan? Ohun tó kó bá mi nìyẹn. Ìwé tí ọ̀gá tèmi kọ rẹwà, ó lu òǹtẹ̀ lé e, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ ilẹ̀ mi rí. Lójú tirẹ̀, ilẹ̀ náà tẹ́jú bí àwo, ló bá ní kóòsì 5, ìyẹn ìlà búlọ́ọ̀kù márùn-ún tó gun ara wọn, ni ìpìlẹ̀ máa gbà yípo. Gbogbo ògiri mi, tòde tinú, jẹ́ mítà 86. Búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú símẹ́ǹtì tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì ń gba mítà 0.475, nítorí náà kóòsì kan jẹ́ 181. Kóòsì 5 jẹ́ 905, iye tí mo rà gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Àṣé ilẹ̀ náà ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́: iwájú ilé gba kóòsì 4, ẹ̀yìn gba 9! Tí ẹ bá pín in dọ́gba, 6 ààbọ̀ ni, ìyẹn 1,177. Bíríkìlà ká ọwọ́ gbera, ó ń wo ojú mi.

Ẹ ṣì gbọ́ o, búlọ́ọ̀kù ò tiẹ̀ dùn mí tó yanrìn tí a fi ń kún inú ìpìlẹ̀. Kóòsì 1 ààbọ̀ tó lé yẹn fi sẹ̀ǹtímítà 37 ààbọ̀ kún gíga ibi tí a máa kún nínú ilé. Ilé mi jẹ́ mítà 12 sí 11. Tí ẹ bá yọ àyè ògiri kúrò, nǹkan bíi mítà oníbùú-òró-gíga 42 ni. Yanrìn sì máa ń wọlẹ̀ tí wọ́n bá gún un, ẹ fi ìdá mẹ́rin kan lé e, ó ti lé ní 50. Kò sí ọ̀kankan nínú ìwé ọ̀gá. Nígbà tí mo bi í, ó ní "ìdíwọ̀n ni". Ẹ tún fi tépù wọn ẹ̀yìn típà fúnra yín, ẹ má gba ẹnu awakọ̀ gbọ́.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí bíríkìlà kan èèkàn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ bu omi sínú rọ́bà gígùn tí a fi ń fa omi, funfun tó mọ́ gaara, ẹ gbé orí rẹ̀ kan sí èèkàn iwájú, èkejì sí tẹ̀yìn. Ibi tí omi dúró sí lọ́wọ́ méjèèjì ni ẹ sàmì sí, nítorí ó dọ́gba. Ẹ wá wọn àmì kọ̀ọ̀kan dé ilẹ̀, ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Sẹ̀ǹtímítà 25 kọ̀ọ̀kan nínú ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ kóòsì kan.

Ti ògiri òkè ò le: gígùn lọ́nà gíga, ẹ yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ ka búlọ́ọ̀kù 9 sí mítà onígun mẹ́rin kan, èyí tó máa fọ́ ti wà níbẹ̀. Ẹ má wọn yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ o, torí ẹ máa ṣèèṣì ka ògiri tó wà láàárín yàrá méjì lẹ́ẹ̀mejì.