Ọkọ̀ onípákó láìsí ìṣó

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀ onípákó láyé àtijọ́ láìlo ìṣó, tó sì ń sọdá òkun?

Wọ́n máa ń fi èèkàn igi há pákó mọ́ra, tàbí kí wọ́n fi okùn rán an.

Ọkọ̀ Ulúbúrúnù, tó kó bàbà tọ́ọ̀nù 10, tó sì rì nítòsí etíkun Tọ́kì ní nǹkan bí 1300 ṣáájú ìbí Kírísítì, jẹ́ oníèèkàn. Wọ́n gbẹ́ ihò sí etí àwọn pákó, wọ́n ki igi pẹlẹbẹ bọ ihò méjì tó kọjú síra, wọ́n wá gbá èèkàn la igi náà já kó má baà yọ.

Ní Òkun Íńdíà, rírán ló wọ́pọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n rí nítòsí erékùṣù Belítúńgù, Indonéṣíà, ní 1998, kó àwo Ṣáínà bíi 60,000, bẹ́ẹ̀ rírán ni wọ́n rán pákó rẹ̀. Ìbátan igi apá láti Áfíríkà wà lára rẹ̀. Ẹ̀fúùfù tó ń yí padà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ló ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń gbé e bọ̀. Ẹni tó bá pẹ́ yóò dúró de àsìkò mìíràn. Okùn sì ń jẹrà, nítorí náà wọ́n ní láti máa tún un rán.

Àwọn ọkọ̀ kan lo ọ̀nà méjèèjì pọ̀.