Ádímìnì méjì, ẹnu-ọ̀nà kan: ohun tó ń ti gbogbo ọ́fíìsì mọ́ta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Òkè-Ìlewó níbí ni ọ́fíìsì wa, àwa méjìdínlógún la sì ń ṣiṣẹ́. A fẹ́ kó ímeèlì, áàpù owó oṣù àti ti ìṣirò owó sábẹ́ ìwọlé kan ṣoṣo ti `Microsoft Entra`, kí kálukú yéé há páásíwọ́ọ̀dù mẹ́fà sórí. Ọ̀gá wa ń bẹ̀rù pé bí ẹnì kan bá gbàgbé tiẹ̀, gbogbo wa á há síta. A ti yan ádímìnì méjì. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Ohun tí ọ̀gá yín ń bẹ̀rù sì kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, òun nìkan ló há síta. Ádímìnì á bá a tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ọjọ́ tí gbogbo ọ́fíìsì máa há síta ni ọjọ́ tí ẹnu-ọ̀nà fúnra rẹ̀ bá kọ̀ fún gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ádímìnì méjì yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi iṣẹ́ yìí jẹun tó sì sọ fún yín pé "ẹ ṣáà yan èèyàn méjì", ẹ bi í pé ọ̀nà wo làwọn méjèèjì ń gbà wọlé. Bí òfin kan náà bá de àwọn méjèèjì, tó jẹ́ fóònù ni kóòdù àwọn méjèèjì ń bá wá, ádímìnì kan ṣoṣo lẹ ní. Orúkọ ló di méjì.

Ẹ gbọ́ èyí tójú mi rí. Àwọn kan tí wọ́n ń ta àdìrẹ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́nà Ìtòkú pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Èèyàn mọ́kànlá ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé nínú wọn. Ẹni tó bá wọn ṣètò ìwọlé wọn ti fi òfin kan sí i pé inú ọ́fíìsì nìkan ni kí èèyàn ti máa wọlé. Òfin tó dára lójú ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò mọ ọ́fíìsì, àdírẹ́sì `IP` ló mọ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ráútà yín gbé wọ̀ jáde sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàbá náà wo nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó kọ ọ́ sínú òfin, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Ó ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan, torí pé bátìrì ló ń gbé ráútà náà dúró nígbàkigbà tí iná bá lọ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, iná pẹ́ kó tó dé, bátìrì kú. Nígbà tí iná padà, nọ́ńbà tuntun ni ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fún ráútà náà. Ọ́fíìsì wà níbi tó wà, àmọ́ lójú ẹ̀rọ, àlejò ni gbogbo wọn.

Ádímìnì méjì wà níbẹ̀ o. Òfin náà de àwọn náà. Ọ̀kan nínú wọn ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó dé, bẹ́ẹ̀ páásíwọ́ọ̀dù kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Kò sóhun tí èmi náà lè ṣe ju pé ká kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ náà, ká kó ẹ̀rí sílẹ̀ pé àwa la ni ilé-iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Aṣọ wà nílẹ̀, owó ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè rí àdírẹ́sì tí wọ́n fẹ́ gbé ọjà lọ.

Lórí `Microsoft Entra` tí ẹ fẹ́ lò, ẹ lè dá irú èyí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí páásíwọ́ọ̀dù bá ṣì, nọ́ńbà tí ẹ máa rí nínú àlàyé àṣìṣe ni `AADSTS50126`. Bó bá jẹ́ òfin ló dá yín dúró, ẹ máa rí `AADSTS53003`, páásíwọ́ọ̀dù yín sì tọ̀nà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ rẹ̀. Ohun mìíràn tó máa ń tan èèyàn jẹ ni pé àwọn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ lọ fún bíi wákàtí kan kó tó já wọn sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Bí ádímìnì kan bá wà nínú àwọn yẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má jáde, kó yára lọ pa òfin náà.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí, kí ẹ tó so áàpù kankan mọ́ ọn. Ẹ dá àkáǹtì pàjáwìrì méjì sílẹ̀, èyí tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí a kì í fi ka ímeèlì, tí a ò sì ní fọwọ́ kàn láìsí ìjàǹbá. Kí orúkọ wọn parí sí `.onmicrosoft.com` tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀, kó má gbára lé dòméènì tí ẹ ń sanwó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ipò `Global Administrator` ni kí ẹ fún wọn. Lẹ́yìn náà, nínú gbogbo òfin ìwọlé tí ẹ bá kọ, èyí tí wọ́n ń pè ní `Conditional Access`, ẹ fi orúkọ àwọn méjèèjì síbi tí wọ́n kọ `Exclude` sí, kí òfin náà má bàa dè wọ́n. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ṣàṣìṣe n'Ítòkú.

Ẹ ò lè fi páásíwọ́ọ̀dù lásán wọ ojú ewé ádímìnì mọ́, kódà pẹ̀lú àkáǹtì pàjáwìrì. Torí náà, ẹ ra kọ́kọ́rọ́ ààbò, èyí tó jọ fláàṣì tí à ń kì bọ kọ̀ǹpútà; `Passkey (FIDO2)` ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ ra méjì, ọ̀kan fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀kan wà nínú séèfù ọ́fíìsì, kí èkejì wà nílé ọ̀gá. Fóònù ò wúlò fún iṣẹ́ yìí: ó ń sọnù, wọ́n ń jí i, síìmù sì lè kọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ẹ ṣọ́ra fún kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n tì mọ́nú àpótí tó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ náà ṣí. Mo ti rí àwọn tó kó `PIN` kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì sínú áàpù ìpamọ́ tó jẹ́ pé ìwọlé kan ṣoṣo yẹn náà ló ń ṣí i. Bákan náà ni àkáǹtì tí ẹ fi ra dòméènì: bó bá jẹ́ ímeèlì orí dòméènì náà lẹ fi forúkọ sílẹ̀, lọ́jọ́ tí ó bá kú, ibi tí wọ́n máa fi lẹ́tà ìmúpadà ránṣẹ́ sí náà ti kú nìyẹn. Ẹ fi ímeèlì òde sí i.

Ohun mìíràn tó lè há yín síta ni sátífíkéètì, ìyẹn ẹ̀rí tí áàpù fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ `Microsoft Entra` ni ìwọlé ti wá. Tiẹ̀ ò tó ìyẹn, áàpù kan ṣoṣo ló ń tì pa lẹ́ẹ̀kan. Áàpù tí ẹ bá so mọ́ ìwọlé kan ṣoṣo yẹn lọ́nà tí wọ́n ń pè ní `SAML` ní sátífíkéètì tó máa ń lo ọdún 3 bí ẹ ò bá yí i padà. Wọ́n á kọ̀wé ní ọjọ́ 60, 30 àti 7 kó tó parí, àmọ́ ẹni tó so áàpù náà pọ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Bó bá ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á. Ẹ fi ímeèlì ẹlòmíì kún un.

Òfin tuntun èyíkéyìí, orí `Report-only` ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e sí fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró, yóò kàn máa kọ àwọn tí ì bá dá dúró sílẹ̀. Ní ti òfin inú ọ́fíìsì nìkan, bí íńtánẹ́ẹ̀tì yín bá jẹ́ ti síìmù, ẹ má dán an wò rárá, nọ́ńbà yẹn ò dúró, àwọn ẹlòmíì sì lè máa bá yín lò ó pọ̀.

Mi ò tíì rí bí tiyín ṣe rí, nítorí náà ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí tan nǹkan kan láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó tó kù fún un, kí ọ̀gá yín fọwọ́ ara rẹ̀ ki kọ́kọ́rọ́ náà bọ kọ̀ǹpútà, kó wọlé lójú rẹ̀. Ẹ máa tún un ṣe ní gbogbo ọjọ́ 90.