Mílíọ̀nù méjì mi jókòó sílẹ̀ lásán torí mo mú èyí tó ga jù

“Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti ń ṣòwò tipẹ́, mílíọ̀nù mẹ́fà péré ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè rí kọ́bọ̀ kún un. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mò ń wò. Ṣé èyí tí índẹ́ẹ̀sì èrè ẹ̀ ga jù ni kí n mú?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni o. Iye yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ mi nígbà tí òṣìṣẹ́ báǹkì kan tẹ kakulétọ̀ níwájú mi, tó ní kí n mú èyí tó ga jù kí n máa lọ, kò tiẹ̀ bi mí pé kí ni màá fi èyí tó bá ṣẹ́kù ṣe. Inú ṣì ń bí mi dòní.

Ìṣirò índẹ́ẹ̀sì èrè ò le: owó tí iṣẹ́ máa mú wọlé lọ́dọọdún, ẹ dá a padà sí iye tó jẹ́ lónìí, ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ wá fi owó ìbẹ̀rẹ̀ pín in. Tó bá ti ju 1 lọ, èrè wà ńbẹ̀.

Ilé píọ̀ wọ́tà tí mo fẹ́ ṣe ní Òkè-Baálẹ̀ gba mílíọ̀nù 4, ohun tó máa mú wá níye òní jẹ́ 5.2, índẹ́ẹ̀sì ẹ̀ 1.30. Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù gba 3, ó máa mú 3.84 wá, ìyẹn 1.28. Kóòdù-rúùmù ẹja náà gba 3, ó máa mú 3.78 wá, 1.26. Mo bá mú omi. Ó wá ku mílíọ̀nù 2, kò ra ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù, kò ṣe kóòdù-rúùmù, mo sì rìn títí dé Ọláìyá, kò sẹ́ni tó máa ta ìdajì ẹ̀rọ féèyàn ní gbogbo Òṣogbo. Oṣù mọ́kànlá ni owó yẹn fi jókòó, owó ilé-ìwé mú níbẹ̀, ìnáwó ẹbí mú níbẹ̀, ìgbà tí mo máa fi padà sọ́dọ̀ oníbúlọ́ọ̀kù, ẹ̀rọ ti wọ́n.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo wá fi bírò ṣe é lẹ́yìn ríṣíìtì. Omi nìkan, èrè tó lé lórí owó mi jẹ́ mílíọ̀nù 1.2. Búlọ́ọ̀kù jẹ́ 840,000, ẹja jẹ́ 780,000, àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ mílíọ̀nù 1.62, mílíọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á sì ti wọlé iṣẹ́ tán pátá. 420,000 ni mo fọwọ́ ara mi gbé sọnù.

Tó bá jẹ́ adìyẹ ni, téèyàn lè kó igba dípò ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ tò ó látòkè sísàlẹ̀ bí índẹ́ẹ̀sì ṣe wí, ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tí ò ṣeé gé sí méjì, gbogbo àkópọ̀ tí ò bá ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ ni kẹ́ẹ kọ sílẹ̀, kẹ́ẹ ro èrè tó lé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀, èyí tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù ni kẹ́ẹ mú.

Ẹ ṣọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà o. Nínú mílíọ̀nù 3 búlọ́ọ̀kù tèmi, 2.4 lowó ẹ̀rọ, 600,000 tó kù jẹ́ ti sìmẹ́ńtì àti yanrìn tá a máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń tà á yọ 600,000 yẹn kúrò nínú bébà ẹ̀, índẹ́ẹ̀sì bá di 1.6, èèyàn á rò pé òun ti rí wúrà.