"Le" kì í ṣe "náà": ìdáhùn fún ẹni tó ń kọ àròkọ Faransé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáàmù. Òṣogbo níbí ni mo wà, ní Òkè-Fìà. Mo fẹ́ ṣe ìdánwò DELF A2, ṣùgbọ́n gbogbo àròkọ tí mo bá kọ, yíǹkì pupa ló máa ń kún inú rẹ̀. Wọ́n ní mi ò mọ "le" àti "la" lò, wọ́n ní mo tún ń ṣi arọ́pò orúkọ lò. Ìwé pélébé kan tí mo rà sọ pé "le" ni "náà", òun ni mo ń tẹ̀ lé. Ohun tí mo kọ nípa ìyá mi nìyí: "Ma mère vend poisson à marché Igbona. Ils partent à six heures. J'aime poisson mais je ne mange pas viande. Je vois lui le soir." Ṣé kí n kúkú há gbogbo ọ̀rọ̀ sórí pẹ̀lú "le" àti "la" ni?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kọ́kọ́ gbé ìwé pélébé yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo ṣe ń gba ọ̀rọ̀ "le ni náà" yìí kúrò lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo tún ń gbọ́ ọ lẹ́nu òmíràn. Àwọn tó ń tà á ní kí ẹ wá gbọ́ Faransé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn fúnra wọn ò sì lè fi Faransé ra búrẹ́dì ní Kútọnu.

Wo iṣẹ́ tí "náà" ń ṣe fún wa. Tí mo bá ní "ẹja náà", ẹja tí èmi àti ìwọ ti jọ mọ̀ ni mò ń sọ. Tí kò bá sí irú ẹja bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, "ẹja" lásán ti tó: "Ìyá mi ń ta ẹja," ó parí. Ẹni tó bá wá gbà pé "le" ni "náà" yóò wo gbólóhùn tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò ní rí "náà" kankan níbẹ̀, yóò sì kọ "poisson" sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ohun tó ṣe ọ́ gan-an nìyẹn. Faransé kì í sábà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orúkọ jáde láìwọ nǹkan.

Ìbéèrè tó yẹ kí o máa bi ara rẹ ni pé: ṣé gbogbo irú nǹkan yìí pátá ni mò ń sọ, àbí ìwọ̀n kan lára rẹ̀ tí mi ò kà? Kò sí bí ìyá rẹ ṣe fẹ́ ta gbogbo ẹja tó wà láyé. Ìwọ̀n kan lára rẹ̀ ló ń tà, nítorí náà "Ma mère vend du poisson" ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ abo, "de la" ni wàá lò, bíi "de la viande". Bí fáwẹ́lì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, "de l'" ni, bíi "de l'eau". Ṣùgbọ́n nígbà tí o sọ pé o fẹ́ràn ẹja, kì í ṣe abọ́ kan lo fẹ́ràn, ẹja gẹ́gẹ́ bí ẹja ni. Ibẹ̀ ni "le" ti wọlé: "J'aime le poisson." Ṣé o rí i? "Ìyá mi ń ta ẹja", "mo fẹ́ràn ẹja": "ẹja" kan náà ni létí wa, kò sí "náà" nínú èkíní, kò sí nínú èkejì, síbẹ̀ "du" ni Faransé fún ọ̀kan, "le" ló fún ìkejì. Bí o bá ti kọ "aimer", "adorer", "détester" tàbí "préférer", tí irú nǹkan kan pátá sì tẹ̀ lé e, "le", "la" tàbí "les" ni kó wá sí ọ lọ́kàn.

Tí o bá wá ní o kì í jẹ nǹkan, "du" àti "de la" yóò di "de" lásán: "Je ne mange pas de viande." "Un" àti "une" náà máa ń di "de" lẹ́yìn "pas". "Le" àti "la" kì í yí padà ní tiwọn: "Je n'aime pas la viande." Ṣọ́ra fún "être" ṣá o, nítorí kì í tẹ̀ lé òfin yìí: "Ce n'est pas du poisson."

"À marché" ò gba àkókò wa: "à" àti "le" ti dì mọ́ra di "au", "au marché d'Igbona".

Ní ti híhá ọ̀rọ̀ sórí, "un" àti "une" ni kí o fi há a. "L'école" àti "l'huile" ò jẹ́ kí o mọ̀ bóyá akọ ni wọ́n tàbí abo, ṣùgbọ́n "une école" àti "une huile" ti sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn tí o bá parí àròkọ, padà sí ọ̀rọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan kí o wo iwájú rẹ̀. Bí kò bá sí "un", "le", "du", "ma", "ce", iye tàbí "de" níbẹ̀, bi ara rẹ léèrè ohun tó fà á.

Ó ku "ils". Mo mọ ibi tó ti wá, inú mi sì dùn sí ẹni tó kọ́ ọ nílé. Ọmọ Yorùbá wo ló fẹ́ sọ pé "ó ti lọ" nípa ìyá rẹ̀? "Wọ́n ti lọ" ni. Ṣùgbọ́n Faransé kì í fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fún ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí o bá kọ "ils", ẹni tó ń máàkì yóò máa wá àwọn ọkùnrin tí o kò dárúkọ. "Elle part à six heures" ni. Ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ lojúkojú nìkan la lè fi "vous" bọ̀wọ̀ fún, bí a ṣe ń lo "ẹ". Níbẹ̀ náà, ẹyọ ni ọ̀rọ̀ àpèjúwe yóò wà bí ẹni náà bá jẹ́ ẹnì kan: "Madame, vous êtes gentille," kì í ṣe "gentilles".

"Je vois lui" ní tirẹ̀ tẹ̀ lé bí a ṣe ń sọ "mo rí wọn", àbọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe. Iwájú ọ̀rọ̀ ìṣe ni Faransé ń gbé e sí: "Je la vois le soir." Láti mọ èyí tí o máa lò nínú "la" àti "lui", kọ́kọ́ fi orúkọ gidi kọ ọ́. "Je vois ma mère" kò ní "à", "la" ni. "Je parle à ma mère" ní "à", nítorí náà "je lui parle". "Lui" tó bá wà níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe báyìí kò mọ akọ, kò mọ abo: ti bàbá ni, ti ìyá ni.

Gbogbo rẹ̀ wá di: "Ma mère vend du poisson au marché d'Igbona. Elle part à six heures. J'aime le poisson mais je ne mange pas de viande. Je la vois le soir."

Mi ò lè wo gbólóhùn mẹ́rin kí n ṣèlérí pé wàá yege o. Máàkì 25 péré ni kíkọ ní nínú 100 DELF A2. Àádọ́ta lo nílò láti yege, ṣùgbọ́n bí o bá gba ohun tí kò tó 5 nínú apá kankan, o ti fìdí rẹmi.

Ohun kan ṣì wà kí o má baà ki àṣejù bọ̀ ọ́. Bí o bá fẹ́ fi kún un pé oníṣòwò ni ìyá rẹ, "Ma mère est commerçante" ni kí o kọ, láìsí "une". Lẹ́yìn "être", orúkọ iṣẹ́ lásán máa ń dá dúró, bíi ti Yorùbá. Ìgbà tí o bá yìn ín tàbí tí o bá ṣàpèjúwe rẹ̀ ni "une" ń padà wá: "C'est une bonne commerçante."