Bí ilé tẹ́tẹ́ ṣe ń ṣírò owó káàṣì-áòtù

*Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó káàṣì-áòtù nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, ìgbà wo ló sì ń ṣe ilé tẹ́tẹ́ láǹfààní?*

Káàṣì-áòtù ni owó tí ilé tẹ́tẹ́ ń fi lọni láti gba tíkẹ́ẹ̀tì padà kí eré tó parí. Iye tí tíkẹ́ẹ̀tì yóò san bó bá wọlé ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á fi ìwọ̀n bó ṣe ṣeé ṣe kó wọlé ní ìṣẹ́jú náà sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á sì yọ èrè tiwọn.

Ká ní ará Ṣágámù kan fi ₦1,000 ta tẹ́tẹ́ pé Remo Stars yóò borí ní ọ́ọ̀dì 3.00, tí yóò san ₦3,000 bó bá wọlé, tí wọ́n sì ti ń fi góòlù kan ṣíwájú. Ọ́ọ̀dì wọn wá di 1.50, ti ọ̀mì 4.00, ti alátakò 8.00. Bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín 1, tí a sì ro wọ́n pọ̀, 1.0417 ni a ó rí. Ohun tó lé lórí 1 ni èrè ilé tẹ́tẹ́. Fi 1.0417 pín 0.6667 ti Remo Stars, yóò di 0.64, nítorí náà ₦1,920 ni tíkẹ́ẹ̀tì ₦3,000 náà tó gan-an lásìkò yẹn. Bí wọ́n bá fi ₦1,780 lọ̀ ọ́, ₦140 ló ń fi sílẹ̀ fún wọn.

Bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn. Lójú tèmi, tíkẹ́ẹ̀tì eré púpọ̀ ló burú jù, nítorí pé èrè wọn lórí gbogbo eré tí kò tíì parí lè dì léra nínú owó kan ṣoṣo tí wọ́n fi lọni.