Iye Ṣíà Ni Kí Ẹ Fi Pín Owó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ra ṣíà 1,000 ní ₦20. Nígbà tó yá, mo tún ra 4,000 ní ₦30. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ ₦25. Ó ti di ₦27 lónìí, ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà mi sì ní mo ti jèrè ₦10,000, ṣùgbọ́n áàpù bírókà mi ní mo pàdánù. Ibo ni mo ti lè fẹjọ́ wọn sùn? (Olùkọ́ kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí ló rí, bírókà yín ò jalè. Ẹ ti pàdánù lóòótọ́, ₦25 yẹn ni kò tọ̀nà.

Láàárín oṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́ta ti gbé irú ìṣirò yìí wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Òkè-Fìà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbowó kíláàsì lórí Wásáàpù ni wọ́n ti kọ́ ọ, pé kéèyàn ro iye méjèèjì pọ̀, kó sì fi méjì pín in. Ó ń bí mi nínú gan-an, torí owó oṣù tí èèyàn fi làágùn ni wọ́n ń fi ìkọ́kúkọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bà jẹ́.

Ẹ wo ìyá tó ń ta epo ní ọjà Ìgbọ́nà. Bó bá ra kẹ́ẹ̀gì kan ní ₦20,000, tó sì ra mẹ́rin ní ₦30,000, ṣé yóò sọ pé ₦25,000 ni kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan dúró lé lọ́wọ́? Rárá o. Yóò ro gbogbo owó tó jáde lápò rẹ̀ pọ̀, ₦140,000, yóò sì fi kẹ́ẹ̀gì márùn-ún pín in: ₦28,000. Ibi tí ọjà ti pọ̀ ni ìpíndọ́gba máa ń fà sí.

Tiyín náà nìyẹn. Ẹ ná ₦20,000 lẹ́ẹ̀kíní, ₦120,000 lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sì ní ṣíà 5,000. ₦28 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ₦27, ₦135,000 ni gbogbo rẹ̀ tó lónìí, ìyẹn àdánù ₦5,000. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìpíndọ́gba kan tọ̀nà, ẹ fi iye ṣíà yín sọ ọ́ di púpọ̀. ₦25 lọ́nà 5,000 jẹ́ ₦125,000, bẹ́ẹ̀ ₦140,000 lẹ san. Ibo ni ₦15,000 yòókù wọlé sí?

Fífi méjì pín in máa ń bọ́ sí i nígbà tí iye ṣíà bá dọ́gba lẹ́ẹ̀mejèèjì. Bí owó ló bá dọ́gba, kò bọ́ sí i. Ẹni tó fi ₦60,000 rà ní ₦20 yóò gba 3,000. Ẹni náà tún fi ₦60,000 rà ní ₦30, yóò gba 2,000. ₦120,000 lórí 5,000 jẹ́ ₦24.

Nínú ìwé ìṣirò yín, ẹ pa `AVERAGE` rẹ́. Ẹ kọ iye ṣíà sí òpó A, kí ẹ sì kọ gbogbo owó tó jáde lápò yín sí òpó B. Inú kọ́ńtíráàtì nóòtì ni kí ẹ ti wo owó náà, ìyẹn ìwé tí bírókà fi ń ṣàlàyé ohun tó rà fún yín, torí owó iṣẹ́ àti owó ìjọba wà níbẹ̀. Ká ní ó jẹ́ ₦20,200 àti ₦121,200, ìpíndọ́gba ti di ₦28.28 nìyẹn. Iye tí wọ́n ń ta ṣíà kan lónìí wà ní E1:

```
=SUM(B2:B3)/SUM(A2:A3)
=SUM(A2:A3)*E1-SUM(B2:B3)
```

Ìlà kejì ni èrè orí ìwé, èyí tí kò tíì wọ àpò. Yóò fi -6400 hàn. Owó tí wọn yóò yọ lọ́jọ́ tí ẹ bá tà kò tíì sí nínú rẹ̀.

Ibi tí ìwé náà tún ti ń bàjẹ́ ni ọjọ́ títà. Ká ní ẹ ta 2,000 ní ₦30, ẹ má yọ ₦60,000 kúrò ní òpó B. Bí ẹ bá yọ ọ́, ìpíndọ́gba 3,000 tó kù yóò wálẹ̀ sí nǹkan bíi ₦27.13, èrè tó ti wọ àpò yóò sì tún máa farahàn bí èrè orí ìwé. ₦28.28 lọ́nà 2,000, ìyẹn ₦56,560, ni kí ẹ yọ níbẹ̀, kí ẹ sì yọ ṣíà 2,000 kúrò ní òpó A. ₦3,440 tó ṣẹ́ kù lèrè tó ti wọlé, kí owó iṣẹ́ títà tó kúrò nínú rẹ̀. Ojú ewé ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí. ₦28.28 ò ní yí padà títí ẹ ó fi tún rà.

Mi ò tíì rí kọ́ńtíráàtì nóòtì yín o, mi ò sì sọ pé kí ẹ tà tàbí kí ẹ dì í mú. Bí áàpù àti ìwé yín bá ṣì fi owó díẹ̀ yàtọ̀ síra lẹ́yìn àtúnṣe yìí, ẹ bi bírókà bóyá áàpù wọn ń ka owó iṣẹ́ mọ́ iye tí ẹ rà á.